Orí Ni Tàbí Ojú? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkọ́ Káàdì Méjìdínlọ́gọ́rin

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ohun tí òwe yìí ń sọ ni pé ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ dà bí agogo tí ó kàn ń dún bí a bá ṣe lù ú. Ó yẹ kí ó fi làákàyè tirẹ̀ kún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ ibi tí ó yẹ kí làákàyè dúró sí. Títí dé ibo ni ìránṣẹ́ lè fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún iṣẹ́ tí a rán an, kí ó má baà di ẹni tí ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an? Ìbéèrè yìí ni ó dìde nínú ilé wa níhìn-ín ní Hiúsítìn ní àkókò ooru kan, lórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Ohun tí ó fà á kì í ṣe ìwàásù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin. Káàdì ni.

Ọmọbìnrin mi ti yunifásítì dé fún ìsinmi, ó sì mú ìdì káàdì kan bọ̀ tí wọ́n ń pè ní tárò. Kì í ṣe irú wọ́ọ̀tì tí àwa fi ṣeré nígbà èwe wa. Káàdì tí àwọn ènìyàn ibí fi ń wo ọ̀ràn ara wọn ni, irú èyí tí ẹ máa ń rí àkọlé àwọn tí ń wò ó, tí iná ń tàn yòò lára rẹ̀, bí ẹ bá ń wakọ̀ lọ lójú ọ̀nà Wẹ́síháímà lálẹ́. Ìwé ni ó fi ń kọ́ ọ. Ó gé bébà péépèèpé, ó kọ orúkọ káàdì sí iwájú, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀yìn, ó sì ń há wọn sórí bí ọmọ tí ń há ìlọ́po sórí. Káàdì náà jẹ́ méjìdínlọ́gọ́rin, ṣùgbọ́n nítorí pé ìwé rẹ̀ ní bí ọ̀kan bá dorí kodò ìtumọ̀ rẹ̀ yóò yí padà, ohun tí ó ní láti há sórí di 156.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí òun náà wà lọ́dọ̀ wa, ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní òkú ọ̀rọ̀ ni gbogbo ohun tí ó kọ sílẹ̀ yẹn. Ó ní kí ó sọ ìwé nù, kí ó tẹjú mọ́ àwòrán, ohun tí ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un ni kí ó sọ. Àwọn méjèèjì wá ń jiyàn: ṣé orí ni a fi ń kọ́ ọ ni, àbí ojú inú?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ti máa bi mí pé kí ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ilé mi. Ìyá mi, tí ó wá kí wa láti Ọ̀yọ́, bi mí bẹ́ẹ̀ gan-an. Èmi kò gbà gbọ́ pé káàdì mọ ọ̀la, ọmọ mi pàápàá kò sọ pé ó mọ̀ ọ́n. Ó ní àwòrán tí a fi ń ronú nípa ara wa ni. N kò bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n iyàn wọn wọ̀ mí lára ju káàdì náà lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá jókòó síwájú ẹlòmíràn tí ó sì ń sọ ọ̀ràn ayé rẹ̀ fún un, ohun ńlá ni ó dì mọ́wọ́, ìbáà jẹ́ káàdì, ìbáà jẹ́ ìwé àyẹ̀wò dókítà.

Kí iyàn náà tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ibi tí káàdì yìí ti wá. Ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, láàárín ọdún 1400 sí 1500, eré lásán ni wọ́n sì ń fi ta nígbà náà. Méjìlélógún nínú rẹ̀ jẹ́ àwòrán tí ó ní orúkọ tirẹ̀, bí Ikú, Oòrùn, Òṣùpá àti Ayé. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tí ó kù pín sí ìdílé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti owó. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní káàdì mẹ́wàá tí a fi nọ́ńbà mọ̀, ó sì ní ará ààfin mẹ́rin: ìránṣẹ́, ẹlẹ́ṣin, ayaba àti ọba. Nínú ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́, àwọn onínọ́ńbà yìí kò ní àwòrán ènìyàn rárá. Bí o bá mú Ife Márùn-ún, ife márùn-ún lásán ni ìwọ yóò rí. Kò sí ẹni tí ń sunkún, kò sí odò, kò sí afárá. Kí ni ojú inú fẹ́ rí níbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àkọ́sórí fi wáyé. Nígbà tí àwọn ará Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì yìí wo ọ̀ràn, ọkùnrin kan ní Páríìsì, Jean-Baptiste Alliette, tí ó yí orúkọ ara rẹ̀ padà sí Etteilla, ṣe ìdì káàdì tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1789. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sára káàdì gan-an: ọ̀kan sí òkè fún ìgbà tí ó bá dúró ṣánṣán, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ fún ìgbà tí ó bá dorí kodò. Lórí àwọn onínọ́ńbà, àwòrán ènìyàn kò sí, ọ̀rọ̀ ni ó gba ipò àwòrán. Ẹni tí ó bá ń kọ́ káàdì nígbà náà kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó há a sórí lọ.

Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1909. Arthur Edward Waite bẹ obìnrin kan tí ń jẹ́ Pamela Colman Smith pé kí ó ya ìdì káàdì tuntun, ilé ìtẹ̀wé Rider ni ó sì gbé e jáde. Obìnrin yìí yẹ kí ó jẹ́ ẹni tí àwa gbọ́ nípa rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti bí i ní 1878, ṣùgbọ́n ó lo apá kan nínú ìgbà èwe rẹ̀ ní Jamáíkà, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ ìtàn Anáńsí, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n àrékérekè tí àwọn ọmọ Akan kó dání kọjá òkun gẹ́gẹ́ bí àwa ti kó Ìjàpá tiwa dání. Ó kọ àwọn ìtàn náà sínú ìwé ní 1899, ó sì máa ń jókòó pa wọ́n fún àwọn ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Apààlọ́ ni. Nígbà tí wọ́n wá gbé káàdì 78 fún apààlọ́, kò lè fi ife márùn-ún sílẹ̀ ní ife márùn-ún lásán. Ìtàn ni ó fi sínú gbogbo wọn. Owó kékeré ni wọ́n san fún un, ó sì kú ní 1951 láìní ohunkóhun tí a lè tọ́ka sí. Àmì orúkọ rẹ̀ tí ó rọra tẹ̀ sí igun káàdì kọ̀ọ̀kan ni ó fi sọ pé òun ni òun ṣe é.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan tí àwọn ọmọ mi méjèèjì kò mọ̀. Àwòrán ti di tuntun, ṣùgbọ́n ìwé ìtumọ̀ tí Waite kọ tẹ̀ lé e ṣì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ àtijọ́ dání, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti wà láti ìgbà Etteilla. Nítorí náà, nínú ìdì káàdì kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ wá láti ibì kan, àwòrán wá láti ibòmíràn. Nígbà mìíràn wọ́n bára mu, nígbà mìíràn wọn kò mọ ara wọn rí. Ìjà tí ó wà láàárín ẹni tí ń há sórí àti ẹni tí ń wo àwòrán kì í ṣe ìjà ọ̀lẹ àti aláápọn. Inú káàdì náà gan-an ni ìjà wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú wa rí ní ọjọ́ Sátidé kan, nítorí ọjọ́ náà ni iyàn náà kúrò ní iyàn ọmọdé.

Ìyá mi jókòó sí ìdí tábìlì, ó ń ṣa ẹ̀wà. Àwọn ọmọ fi Ife Márùn-ún hàn án, wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó rí. Ẹni kan ni ó wà nínú àwòrán náà, ó wọ agbádá dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, ó doríkọ́. Ife mẹ́ta ti dà nù síwájú rẹ̀, ohun tí ó wà nínú wọn sì ti ṣàn sórí ilẹ̀. Méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Odò kan ń ṣàn lọ́ọ̀ọ́kán, afárá wà lórí rẹ̀. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ṣé àwọn baba ńlá rẹ̀ ni ó ń ta ọtí sílẹ̀ fún ni?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Ó ní ojú inú nìyẹn, ìyá àgbà ti rí ohun tí ìwé kò rí. Ọmọ mi ní rárá o, òfò àti ìbànújẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, ìwé ní ẹni náà ń sunkún ohun tí ó ti dànù, kò sì rántí èyí tí ó kù.

Ní ti káàdì yìí, ọmọ mi ni ó jàre. Ohun tí ìyá mi rí dára, ó sì bá àṣà wa mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ayàwòrán náà yà. Nínú àwòrán tí Pamela Smith yà yìí, ọtí tí ó ta sílẹ̀ ti ṣòfò ni. Ẹnikẹ́ni kò fi í kí òkú ọ̀run. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Ojú inú kì í ṣe ojú tí ó wà láyé láìní ìlú. Ibi tí a ti tọ́ ọ dàgbà ni ó ti kọ́ ohun tí ó ń rí. Ẹni tí kò rí yìnyín rí kò ní mọ bí Owó Márùn-ún ti le tó, níbi tí akúùṣẹ́ méjì ti ń rìn kọjá nínú yìnyín lábẹ́ fèrèsé ilé ìjọsìn tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sórí wúlò ní irú ibi báyìí: ó ń sọ fún wa ohun tí àwọn tí wọ́n ni ilé ń pe nǹkan inú ilé wọn. Bí àlejò bá kọ̀ láti kọ́ ọ, tí ó ní ohun tí ó wu òun ni òun yóò máa pe gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ojú inú ni ó ní, àìgbọ́ èdè ni.

Ìgbà tí a ń sọ èyí lọ́wọ́ ni ìyàwó ọ̀rẹ́ mi kan wọlé. Ó mú ọbẹ̀ wá fún ìyá mi. Ó rí káàdì, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wo ti òun náà. Ẹ̀rín ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa mọ ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní ilé ìwé. Ọkọ rẹ̀ ti pinnu pé kí wọ́n fi ọmọ náà ránṣẹ́ sílé, kí ó lọ wọ ilé ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀, kí ó lè kọ́ ọmọlúwàbí. Kò sí ẹbí wa kan níhìn-ín tí kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò bá ti ṣe é.

Ọmọ mi pa káàdì pọ̀, ó ní kí ó fa ọ̀kan yọ. Idà Mẹ́fà ni ó jáde. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan ni. Ọkùnrin kan dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tu ú. Ẹnì kan tí ó fi aṣọ borí jókòó síwájú rẹ̀, ó tẹrí ba, ọmọdé kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn kọ ẹ̀yìn sí wa. Idà mẹ́fà dúró ṣánṣán níwájú ọkọ̀ náà, wọ́n gún un mọ́lẹ̀. Omi ń ru ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó parọ́rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Èbúté wà níwájú lọ́ọ̀ọ́kán.

Ọmọ mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó há sórí ni ó jáde lẹ́nu rẹ̀: ìrìn-àjò lórí omi, ọ̀nà, lílọ síbi tí ara ti rọni. Ọ̀rọ̀ ìwé ni lóòótọ́. "Ọ̀nà" yìí gan-an wà lórí káàdì Etteilla, Waite náà sì kọ ọ́. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó máa lọ nìyẹn."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má rán an lọ o. Ẹ wo ọmọ yìí. Òtútù ń mú un. Wọn ò bi í léèrè. Ẹ̀rù ń bà á." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń sọ ọ́. Àánú ọ̀rọ̀ náà ṣe obìnrin náà, omi sì yọ lójú rẹ̀.

Ohun tí àlejò wa kò mọ̀ ni pé wọ́n fi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọdún mẹ́ta ni ó sì lò níbẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ tún wo káàdì náà. Ọmọ inú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè rí ojú rẹ̀ débi tí yóò fi mọ̀ bóyá ẹ̀rù ń bà á. Òtútù kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí òtútù ń mú jókòó sí ìdí tábìlì mi, kì í ṣe inú ọkọ̀.

Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ṣìnà, ọ̀nà tí wọ́n fi ṣìnà sì yàtọ̀ síra. Ọmọ mi sọ òótọ́ ìwé, ṣùgbọ́n kò wo àwòrán, kò sì wo ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀. Bí ó bá bo káàdì náà lójú, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo àwòrán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni ó rí nínú rẹ̀, ó sì gbé e fún obìnrin náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí káàdì rán. Èkíní jẹ́ iṣẹ́ bí agogo. Èkejì jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ti èkejì léwu jù, nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ń purọ́, ẹkún rẹ̀ sì jẹ́ kí ó dà bí òótọ́.

Ìyá mi fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ó fa káàdì náà síwájú obìnrin náà, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni ìwọ rí?"

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó fi ìka kan àwọn idà náà. Ó ní, "Wọ́n kó wọn dání, mà. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n ń sá kúrò nídìí wọn." Ó tún dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun kò tíì mọ ẹni tí òun jẹ́ nínú àwòrán náà: bóyá òun ni ó borí jókòó ti ọmọ, tàbí òun ni ó wà ní èbúté tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Nítorí pé wọ́n kò tíì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rárá. Ìwé ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n ti ń wá.

Ìyá mi kò wí nǹkan kan lórí kí wọ́n rán an tàbí kí wọ́n má rán an. Ó ní kí ó lọ jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ohun tí ìyá mi ṣe. Kò há ọ̀rọ̀ kan sórí nípa káàdì, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbé ojú inú tirẹ̀ lé ẹlòmíràn lórí. Ó jọ lójú mi pé ibi tí ó ti dàgbà ni ó ti rí i. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn babaláwo ṣe ń ṣe é, kì í ṣe pé mo ní Ifá àti káàdì dọ́gba, ṣùgbọ́n nítorí pé ìbéèrè kan náà ni wọ́n ti dáhùn tipẹ́tipẹ́.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256: ojú odù mẹ́rìndínlógún àti àmúlù 240. Ọmọ awo lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àkọ́sórí, kò sí èyí tí ó tó o. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ń há sórí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan fún odù kan. Ẹsẹ ni, ìtàn sì ni púpọ̀ nínú ẹsẹ: awo tí ó dá Ifá náà, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí ó ń dààmú rẹ̀, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ ọ. Ìtàn ní ilẹ̀kùn púpọ̀ tí ènìyàn lè gbà wọlé.

Ohun kejì ni ó wú mi lórí jù. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sábà sọ ọ̀ràn rẹ̀ fún babaláwo. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tí ó mú lọ́wọ́. Babaláwo á máa ki ẹsẹ odù tí ó bá yọ, ẹni náà ni yóò sì sọ pé èyí bá ọ̀ràn òun mu. Bí wọ́n bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi, ìbò ni wọ́n ń lò, kì í ṣe bí ọkàn babaláwo bá ti rí i. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀? Orí jẹ́ ti babaláwo, ojú inú jẹ́ ti ẹni tí ó ni ọ̀ràn. Àkọ́sórí ni ọgbà tí ó yí awo ká, kí ìfẹ́ inú tirẹ̀, ìbínú tirẹ̀ àti àánú tirẹ̀ má baà fò wọ inú ọ̀ràn ẹlòmíràn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, kí ni kí n wá ṣe?" mo ní kí ó má sọ ìwé nù, ṣùgbọ́n kí ó yí bí ó ṣe ń kọ́ ọ padà. A jókòó, a tún un tò.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó dín ohun àkọ́sórí kù. Kò sí ìdí tí ènìyàn fi ní láti há ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta sórí fún àwọn ìdílé mẹ́rin náà. Bí ó bá mọ ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan dá lé lórí, pé ọ̀pá jẹ́ ti iṣẹ́ àti ìtara, ife ti ìfẹ́ àti ẹ̀dùn ọkàn, idà ti èrò àti ìjà, owó ti ara àti ilé. Tí ó tún mọ ohun tí nọ́ńbà mẹ́wàá náà ń tọ́ka sí, àti ará ààfin mẹ́rin, ohun méjìdínlógún péré ni gbogbo rẹ̀. Ó lè dán an wò fúnra rẹ̀. Ó kó àwọn márùn-ún jọ sórí tábìlì: Ọ̀pá Márùn-ún, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi ọ̀pá bá ara wọn jà, Ife Márùn-ún tí a ti rí, Idà Márùn-ún, níbi tí ẹnì kan ti ń kó idà jọ tí àwọn tí a ṣẹ́gun sì ń lọ, Owó Márùn-ún nínú yìnyín. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé márùn-ún jẹ́ nọ́ńbà wàhálà. Ó rí i. Ohun tí a bá rí ìdí rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí.

Lẹ́yìn èyí, ó ń mú káàdì kan lójúmọ́. Kí ó tó ṣí ìwé, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun márùn-ún tí ó lè fi ìka kàn nínú àwòrán. "Ó doríkọ́" ṣeé kọ, nítorí a rí orí rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà á" kò ṣeé kọ, àfi bí ó bá lè fi ìka kan ohun tí ó fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ìwé, yóò kọ ọ̀rọ̀ ìwé sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí méjèèjì bá bára mu, ó dára. Bí wọn kò bá bára mu, kò gbọdọ̀ pa ọ̀kan rẹ́, nítorí pé nígbà púpọ̀ ọ̀rọ̀ ti dàgbà ju àwòrán lọ. Lórí Idà Mẹ́fà, ìwé Waite ní ẹrù ọkọ̀ náà fúyẹ́. Ẹni tí ó bá wo idà mẹ́fà tí ó gún ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lè má gbà. Kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́rin ni yóò gbà á, oṣù méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti ìgbà tí ènìyàn bá jókòó síwájú rẹ̀. Mo ní kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè méjì kí ó tó lanu. Bí a bá bo káàdì yìí lójú, ṣé ohun kan náà ni n ó sọ? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ìwé ni mo ń kà, n kò tíì wo nǹkan kan. Bí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá fa káàdì kan náà yọ, ṣé n ó rí ohun tí mo rí yìí? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹni yìí ni mo ń sọ, tàbí ohun tí mo mọ̀ nípa ara mi. Kí ó wá tì káàdì náà síwájú ẹni tí ó ni ín, kí ó sì bi í bí ìyá mi ti ṣe.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ni ó bi mí bóyá ó yẹ kí òun pe obìnrin náà, kí òun sọ fún un pé òun ni òun wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mo ní kí ó pè é. Ó pè é, wọ́n sì pẹ́ lórí fóònù. N kò mọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó sọ ọdún mẹ́ta rẹ̀ ní Ìbàdàn fún un, rere àti búburú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn ara rẹ̀, kò sì pè é ní iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni rán an. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, obìnrin náà mú ọmọ rẹ̀ wá sí ilé wa. Ọmọ náà jókòó ti ìyá mi, wọ́n jọ ń ṣa ẹ̀wà, kò sì sí ẹni tí ó mú káàdì jáde.